Fọ́tò Tí Wọ́n Fún Ní Máàkì Mẹ́rin

Kò sí ohun tó ń bí mi nínú bíi kí ẹnìkan jókòó, kó máa fún ayọ̀ ọmọ ẹlòmíì ní máàkì. Ohun tí onífọ́tò yẹn sì ṣe gan-an nìyẹn, lọ́jọ́ Sátidé tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Torino lọ sí Padova kí èmi àti ọmọ mi lè yan fọ́tò tí yóò wà níwájú álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó rẹ̀.

Padova ni ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ń gbé báyìí. Yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onírun, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, ni onífọ́tò náà ti ń ṣiṣẹ́, òórùn kẹ́míkà irun sì ń wọlé bá wa níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé àga tó dára jù fún mi, ó lọ ra kọfí wá fún mi ní báà òdìkejì. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó tan kọ̀ǹpútà. Bàbá ọmọ kò wá, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Modena, níbi tí wọ́n ti ń gé ẹran. Ó ní òun ò lójú fọ́tò, kí àwa obìnrin yàn án.

Onífọ́tò ní, “Mummy, fọ́tò tó wà nílẹ̀ pọ̀. Tá a bá ní ká kàn máa fi ìfẹ́ inú yàn án, a máa jà ni. Mo ti rí ìdílé tó jà níbí. Torí ẹ̀, ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò, mo sì máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí mẹ́wàá: bí ọkàn èèyàn ṣe hàn lójú, bí fọ́tò ṣe tò, àti iye àlejò tá a rí. Àlejò tí a ò bá rí ojú ẹ̀, mi ò kà á.”

Mo ní, “Àwọn tí gèlè arábìnrin wa bò mọ́lẹ̀ ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn yẹn wá sí ìgbéyàwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò wá sí fọ́tò.

Ó ti yọ èyí tí kò dára kúrò, ó ku mẹ́ta. Ó tò wọ́n sójú kọ̀ǹpútà, èyí tó gba máàkì jù sì wà lókè pátápátá. Bí mo ṣe rí i, kọfí korò lẹ́nu mi.

Ọmọ mi ni mo rí nínú rẹ̀ pẹ̀lú Signora. Signora ni ìyá arúgbó ará Ítálì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tiwa ní Torino. Nígbà tí ọmọ mi wà ní kékeré, badante ni mí ní Novara, mò ń tọ́jú bàbá kan tí kò lè dìde lórí ibùsùn. Ilé bàbá náà ni mò ń sùn. Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni mo máa ń lọ, mo sì máa ń padà wálé ní Sátidé. Ọkọ mi náà wà ní Modena. Signora ló ń mú ọmọ mi lọ sí ilé-ìwé, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló kọ́ ọ láti so okùn bàtà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí. Bí mo bá ní kí n má dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run á bi mí. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ lọ̀tọ̀, owú lọ̀tọ̀, méjèèjì sì ti jọ ń gbé inú mi láti ọjọ́ yìí wá.

Nínú fọ́tò náà, Signora jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gbọ̀ngàn. Ọmọ mi tẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ kọ sí wa, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àlejò mélòó kan wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń wò wọ́n tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ọkàn, mẹ́wàá. Ètò fọ́tò, mẹ́sàn-án, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ṣe bọ́ sí wọn lójú, àti pé kò sí ohun tó dí wọn nínú fọ́tò náà. Àlejò, mẹ́ta. Àpapọ̀ jẹ́ méjìlélógún.

Èyí tó tẹ̀lé e ni fọ́tò gbogbo wa lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gba mẹ́wàá fún àlejò, mẹ́fà fún ètò, mẹ́ta péré fún ọkàn. Onífọ́tò ní gbogbo èèyàn ló ń dúró kí òun sọ pé ó ti tó.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ọmọ mi ti kúnlẹ̀ kí n gbàdúrà fún un nínú gbọ̀ngàn. Àlejò tó yí wa ká na ọwọ́ sí wa, ó gba mẹ́fà. Ètò gba méje, nítorí ìgúnpá ọkọ mi yọ wọ inú fọ́tò láti ẹ̀gbẹ́. Ọkàn gba mẹ́rin.

Mo gbé kọfí sílẹ̀. Mo ní, “Èèyàn ni aṣọ mi. Ọ̀dọ̀ wa, ìgbéyàwó tí kò lérò, kí la fẹ́ pè é? Àwọn tó wọkọ̀ láti Milano àti Modena wá, ṣé àwọn mẹ́ta ló wá ni? Sọ máàkì àlejò di ìlọ́po méjì.”

Ó wo ọmọ mi. Ọmọ mi gbé èjìká. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, fọ́tò orí àtẹ̀gùn sì fò bọ́ sókè, Signora bọ́ sí ipò kejì. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Àárín gbùngbùn ni mo wà nínú fọ́tò yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi gan-an.

Ọmọ mi ní, “Mamma, non è una gara.” Ó ní kì í ṣe ìdíje. Èdè Ítálì ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré.

Mo ní, “Bí kì í bá ṣe ìdíje, kí ni máàkì ń ṣe níbẹ̀?”

Onífọ́tò wúkọ́. Ó ní ohun kan wà tó yẹ kí òun fi hàn wá. Iwájú álíbọ́ọ̀mù náà, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba ni, fọ́tò àtẹ̀gùn sì gùn ní ìbú. Etí fọ́tò á tún ká wọ ẹ̀yìn páálí díẹ̀. Bí a bá ní kí gbogbo èèyàn wọlé, ojú wọn á kéré bí ẹ̀wà. Bí a bá sì fẹ́ kí ojú wọn hàn, a ní láti gé ọ̀tún àti òsì. Ó gé e kí a lè rí i. Bí àwọn èèyàn ṣe lọ nìyẹn. Máàkì àlejò já wálẹ̀ láti mẹ́wàá sí márùn-ún.

Lára àwọn tó gé kúrò ni Signora, ẹni tó dúró ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, tó di irin àtẹ̀gùn mú.

Ọmọ mi sọ fún mi pé mo ti rí i, àbí. Ó fi èdè Ítálì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

“Èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀,” mo ní. “Òun ló lọ dúró síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Ó ní àárín jẹ́ ti ẹbí.”

“Ẹ ò sì pè é kó wá sáàárín.” Èdè Ítálì náà ló fi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Bóyá tí kò bá jẹ́ òótọ́, mi ò ní bínú tó bẹ́ẹ̀. Mo kọjú sí onífọ́tò, ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Mo ní kó sọ fún mi, kí ló dé tí fọ́tò ìkúnlẹ̀ gba mẹ́rin. Ṣé ọmọ tó kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó kò ní ọkàn ni? Àbí èmi tí mo fi ìkúnlẹ̀ bí i, igi ni mí?

Ó ní, “Mummy, ẹ má bínú. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tójú fọ́tò rí ni mo fi ń fún un ní máàkì. Nínú èyí, ìyàwó dorí kodò, a ò rí ojú ẹ̀ rárá. Ẹ̀yin náà dijú. Mi ò lè fún ohun tí mi ò rí ní máàkì.”

Òtítọ́ ni. Ẹ̀yìn ọmọ mi la rí, àti aṣọ funfun, àti ọwọ́ mi lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á rò pé obìnrin kan ń gbàdúrà tó ti gùn jù.

Mo sọ fún un pé èmi ni mo wà níbẹ̀. Mo ní orí ọmọ mi ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo ní ó di ìdí ìró mi mú, ó sì sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì kò gbọ́, torí ariwo àmín ti pọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ má lọ.” Èmi kọ́ ni mò ń lọ lọ́jọ́ náà, òun ló ń lọ sílé ọkọ. Síbẹ̀ ohun tó sọ nìyẹn. Ohun tó máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday, títí ó fi dàgbà tó láti má sọ ọ́ mọ́. Ìdí tí mo fi dijú nìyẹn.

A gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun níwájú. Onífọ́tò kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó bèèrè lọ́wọ́ ọmọ mi bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ọmọ mi fi Yorùbá dá a lóhùn. “Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́.”

Onífọ́tò pa mẹ́rin rẹ́, ó kọ mẹ́wàá. Ó dá máàkì àlejò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mẹ́wàá, méje, mẹ́fà. Àpapọ̀ jẹ́ mẹ́tàlélógún, ó sì fi ẹyọ kan ju ti Signora lọ. Fọ́tò wa gun òkè lójú kọ̀ǹpútà. Mo ti borí.

Ọmọ mi fi ọwọ́ kan apá mi. Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán, ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó sọ ọ́. Ó ní, “Màmá, mẹ́wàá ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí tábìlì yàrá ìgbàlejò mi ni álíbọ́ọ̀mù máa wà. Ojoojúmọ́ ni mo máa rí i. Mi ò fẹ́ máa sun ẹkún yẹn lójoojúmọ́. Mo ti sun ún tó.”

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìbá ṣe pé ó bínú, ǹ bá ti mọ ohun tí n óò sọ, torí mo mọ ìjà í jà. Mo wo fọ́tò méjèèjì. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹkún ọmọ mi wà, ọ̀dọ̀ Signora ni ẹ̀rín rẹ̀ wà. Kò sí ẹni tó pín in bẹ́ẹ̀. Owó bàbá Novara ló rán ọmọ mi lọ sí yunifásítì, èmi ló sì lọ wá a. Ṣùgbọ́n owó kì í tẹ̀ mọ́ ọmọ lára, kó máa rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dé egungun, mi ò sì ní sọ pé ó ti tán.

Mo ní kí onífọ́tò fi ti Signora síwájú.

Ó bèèrè ojú ewé tí òun yóò fi fọ́tò ìkúnlẹ̀ sí nínú álíbọ́ọ̀mù. Ọmọ mi fẹ́ sọ̀rọ̀, mo na ọwọ́ dá a dúró.

“Má fi sínú rẹ̀ rárá,” mo ní. “Tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi lọ́tọ̀. Èmi ni mo ni ẹkún yẹn.”