Àdúrà Tí Mo Kọ Sábẹ́ Ọ̀rọ̀ Oníbàárà Mi

Aṣọ obìnrin ni mò ń rán. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkòkòmáíkò, ní àdúgbò tí aránṣọ mẹ́rin wà lójú títì kan ṣoṣo, èmi sì ni ariwo mi kéré jù nínú wọn. N kì í pe ẹni tó ń kọjá. Nígbà tí ọmọbìnrin mi rí i pé iṣẹ́ ń dínkù, ó fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sórí máàpù inú fóònù, níbi tí ẹni tó ń wá aránṣọ ti lè rí wa, tí ẹni tí a ti ránṣọ fún sì lè kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ wa. Fún oṣù mẹ́rin, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, fóònù mi dún. Ẹnì kan ti fún wa ní ìràwọ̀ márùn-ún. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní kíkún, àwòrán ojú rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ ni, ní Ìbà. Ohun tó kọ ni pé: "Aránṣọ yìí máa ń fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ. Ọjọ́ tó dá fún mi kò yẹ̀. Aṣọ mẹ́ta ló rán fún mi, kò sí èyí tí mo ní láti dá padà nínú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti wọ aṣọ tí ọkàn mi balẹ̀ nínú rẹ̀ báyìí."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí èmi àti òun nìkan la mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀.

Wọ́n ti gé ọyàn òsì rẹ̀ nítorí àìsàn jẹjẹrẹ. Ó ti gbà mí láyè láti kọ èyí, bí n kò bá ti dárúkọ òun. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, ó dúró títí oníbàárà tó wà níwájú mi fi lọ, kó tó la ẹnu. Ó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àti àwọn òbí wọn máa wo àyà òun. Mo rán àpò sínú aṣọ ní apá òsì, mo sì gé fóòmù ní ìwọ̀n ọyàn kejì kó lè wọ inú àpò náà. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò, fóòmù fúyẹ́ jù. Bó bá ti gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó ń kọ̀wé sójú pátákó, apá ibẹ̀ á gòkè ju èkejì lọ. Mo yọ ọ́, mo di ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú aṣọ pélébé kan, mo sì rán an mọ́ ìsàlẹ̀ fóòmù náà kó lè wúwo. Ó tún gbọ́wọ́ sókè. Kò kúrò lójú kan. Ó fi ìka kọ̀wé sójú afẹ́fẹ́ níwájú dígí mi, ó sì rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ń ta òwú, síìpù àti bọ́tìnnì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, àdúrà kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Mo fi ìràwọ̀ márùn-ún náà hàn án.

"Ẹ ti di ìlúmọ̀ọ́ká, Aúntì," ó ní. "Ẹ má gbàgbé àwa tí à ń ta síìpù fún yín o."

Mo ní mo fẹ́ kọ "Ẹ ṣeun" síbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé ife òfìfo ni mo fẹ́ gbé fún àlejò.

"Ẹ ṣeun nìkan? Ẹni tó gbé yín ga lójú gbogbo ayé, ẹ ò ní ṣàdúrà fún un?"

Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Nílé wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àdúrà la fi ń san oore, àdúrà náà sì gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà lọ́kàn ẹni náà mu. Èèyàn kì í ṣàdúrà ọmọ fún ẹni tó ń wá iṣẹ́. Nítorí náà mo jókòó, mo sì wá àdúrà tó ṣe rẹ́gí sí tirẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọlọ́run tó bá yín la iṣẹ́ abẹ yẹn já kò ní jẹ́ kí àìsàn náà padà. Èyí tó kù kò ní bàjẹ́. Ẹ ó fi ara líle lo àwọn aṣọ náà." Mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àṣìkọ wà nínú rẹ̀. Kò sí. Mo bá tẹ̀ ẹ́ lọ. Orí mi wú.

Kò tó ìdajì wákàtí tí aládùúgbò mi fi wọlé, tòun ti fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti wá ṣọ́ọ̀bù mi rí lórí máàpù.

"Aúntì, iṣẹ́ abẹ wo ni obìnrin yìí ṣe? Kí ni 'èyí tó kù'?"

Kò fi ibi béèrè. Ṣùgbọ́n mo wo orúkọ oníbàárà mi lókè, mo wo àwòrán rẹ̀, mo sì wo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí òbí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan bá ń wá aránṣọ, ohun tí yóò kà nìyẹn. Ohun tó ní kí n fi aṣọ bò fún òun, èmi fúnra mi ni mo ṣí i sójú òpópónà.

Mo wá ibi tí ọmọ mi ti fi bí wọ́n ṣe ń pa ìdáhùn rẹ́ hàn mí, mo sì pa á rẹ́. Mo sọ fún aládùúgbò mi pé ọ̀rọ̀ oníbàárà ni, kì í ṣe tèmi láti sọ. Ó ní òun náà pín nínú ẹ̀bi náà, kò sì tún béèrè mọ́.

Mo lè ṣe bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti sọ fún mi pé bí a bá dá ẹni tó kọ̀wé lóhùn, ìròyìn rẹ̀ ń dé bá a lórí fóònù. Mo dúró títí di àsìkò tí ilé ìwé á ti parí, mo sì pè é.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Èmi aránṣọ yín ni."

"Mo mọ̀."

Mo rò ó fún un bó ṣe rí: ohun tí mo kọ, bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, pé ẹnì kan tí mo mọ̀ ti kà á, pé ó béèrè, pé n kò sọ fún un. Mo bẹ̀ ẹ́. N kò dárúkọ ẹni tó ní kí n ṣàdúrà, nítorí ọwọ́ tèmi ló kọ ọ́.

"Yàrá àwa olùkọ́ ni mo ti kà á," ó ní. "Ẹnì kan jókòó tì mí. Mo dojú fóònù dé."

Mo tún bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti fẹ́ pa ohun tí mo kọ nípa yín rẹ́, kí tiyín lè bá a lọ. Nígbà tí mo padà wò ó, mi ò rí tiyín mọ́."

Mo ní kó pa á rẹ́ bí ọkàn rẹ̀ yóò bá fúyẹ́. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tó kọ yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ rere tí ṣọ́ọ̀bù mi ní.

"Rárá," ó ní. "Òótọ́ ni mo kọ. Mo ṣe àmín sí àdúrà yẹn, Aúntì. Ṣùgbọ́n ẹnu ni kẹ́ ẹ máa fi gbà á fún mi. Ara tèmi ni. Èmi ni kí n sọ ọ́ fún ẹni tó bá wù mí."

Mo fi ẹnu gbà á nígbà náà, lórí fóònù, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ó ń ṣe àmín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà mo kọ ìdáhùn mìíràn. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ lọ, mo kà á bí òbí ọmọ kíláàsì rẹ̀ yóò ṣe kà á, mo sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ohun tó ṣẹ́ kù nìyí: "Ẹ ṣeun, mà, fún àkókò tí ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Inú wa dùn pé àwọn aṣọ náà tẹ́ yín lọ́rùn. A ó máa retí yín." "Ara" ni ọ̀rọ̀ tí mo yọ; "bá ara yín mu" ni mo ti kọ́kọ́ kọ síbi "tẹ́ yín lọ́rùn".

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, obìnrin kan wá láti Ajangbadi. Ó ní olùkọ́ kan tí àwọn jọ ń dúró de dókítà ló júwe mi fún òun.

"Ó ní ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pa ọ̀rọ̀ mọ́."

"Mo ṣì ń kọ́ ọ ni, mà," mo ní, mo sì na ọwọ́ mú téèpù.