Àpò Ẹkùrọ́ Tó Pé Jù

Ẹ̀rù ẹkùn kì í bà mí tó ẹ̀rù ìwé. Ìwé kékeré ni mo kà, èyí tó tó láti ka òǹkà kí n sì kọ orúkọ ara mi, ìdí nìyẹn tí bàbá kan fi mú mi dání lọ sí Efire. Iṣẹ́ bàbá náà ni kó máa yẹ ẹrù wò fún oníṣòwò Èkó kan tó ń ra ẹkùrọ́ lọ́wọ́ wa. Bí wọ́n bá ti wọn ẹkùrọ́ sínú àpò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, aláàárù á rù ú dé Efire, olùtọ́jú ilé ẹrù á tún un wọ̀n níbẹ̀, ọkọ̀ á sì gbé e gba ojú ọ̀sà lọ sí Èkó. Oṣù mélòó kan ni ìwọ̀n Efire fi bá ti Ìjẹ̀bú-Igbó mu láìyẹ̀ rárá. Oníṣòwò dunnú sí i. Bàbá ayẹ̀wò kò dunnú.

A sinmi ní Àgọ́-Ìwòyè lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n olùtọ́jú ilé ẹrù wá kí wa níbẹ̀ pẹ̀lú obì. Òun ló ṣe onídùúró fún àbúrò rẹ̀. Bí ẹrù bá dín, oko obì rẹ̀ ni oníṣòwò máa gbà. Ó ní kí á má wulẹ̀ da ara wa láàmú, ogójì àpò pérépéré la máa bá nílẹ̀. Bàbá ayẹ̀wò dúpẹ́, kò mú obì. Èmi mú méjì. Mo ti jẹ ọ̀kan tán kí n tó rántí pé a lè fi nǹkan sínú obì, mo sì ń fi ọwọ́ kan ikùn mi wò títí a fi rí ọ̀sà Efire.

Olùtọ́jú ilé ẹrù fẹ́ sọ iye ẹrù fún wa ní ẹnu ọ̀nà. Bàbá ayẹ̀wò gbé ọwọ́ sókè, ó ní kó dúró tì wá kó máa wò wá, àmọ́ kó pa iye mọ́ ikùn. Ó ní kí èmi kà láti ọwọ́ ọ̀tún, òun á kà láti ọwọ́ òsì, kí ẹnikẹ́ni má sọ tirẹ̀ títí a ó fi parí. Mo kà, mo rí mọ́kàndínlógójì. Mo ní ojú ló tàn mí jẹ, mo tún un kà, mo rí ogójì. Tirẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlógójì. Nígbà tí a fi ẹfun sàmì sí àpò kọ̀ọ̀kan, mọ́kàndínlógójì náà ni. Ọ̀kan ti wọ ọkọ̀ lọ lánàá, ìwé ọlọ́kọ̀ sì wà níbẹ̀.

"Ta ló bá ọ ka ogójì?" bàbá ayẹ̀wò bi mí.

"Èmi nìkan ni, bàbá."

"Rárá. Ará Àgọ́-Ìwòyè ló bá ọ kà á."

Ojú tì mí. A gbé àpò sórí òṣùwọ̀n. Gbogbo èyí tí olùtọ́jú nawọ́ sí ló ṣe déédéé pẹ̀lú ìwé. Mo mí kanlẹ̀. Bàbá ayẹ̀wò kò mí kanlẹ̀. Ó ní àsìkò òjò ni wọ́n ra ẹkùrọ́ yìí; èyí tó tutù á gbẹ, á fúyẹ́; eku á jẹ díẹ̀, ojú àpò á sì jò. Ẹkùrọ́ tó rin ọ̀nà jíjìn tí kò dín rárá, irú wo nìyẹn?

Ìfura ọ̀hún wá gbé mi. Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé olè ni ọkùnrin náà, iyanrìn ló wà nínú àpò. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tó ṣe ló ń jẹ́rìí sí i. Ó ń làágùn: olè ni. Ó gbé ẹja gbígbẹ fún wa: olè ló ń wá ojúure. Aṣọ rẹ̀ mọ́: owó ta ni? Mi ò jẹ ẹja náà. Ebi pa mí dé àárọ̀.

Ní àárọ̀, àwọn obìnrin tó ń ta ẹkùrọ́ fún un ní etí omi dé, torí ó máa ń bá oníṣòwò ra ẹkùrọ́ níbẹ̀ náà. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè bóyá ọkùnrin yìí kì í rẹ́ wọn jẹ. Ó ní, "Ó ń rẹ́ wa jẹ o, ọmọ mi. Oníṣòwò wo ni kì í rẹ́ni jẹ?" Mo sáré lọ sọ fún bàbá ayẹ̀wò.

Ó rẹ́rìn-ín. "O ti gbé ìdáhùn lé e lọ́wọ́, ó dá a padà fún ọ. Lánàá o gbà gbọ́ pé ó pé, o rí ogójì. Lónìí o gbà gbọ́ pé olè ni, o rí olè. Bí kì í bá ṣe olè, kí ló yẹ kí á rí? Ìyẹn ni kí o wá lọ."

Òun fúnra rẹ̀ bi obìnrin mìíràn pé báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ẹkùrọ́. Ìyẹn ní igbá ni, àti pé àwọn a máa bu ènì lé e lórí. Ènì yẹn, ti olùtọ́jú tó ń wọ̀n ọ́n ni, kì í ṣe ti oníṣòwò, bó ti wà láti ọjọ́ àwọn ìyá àwọn.

A fa àpò jáde láti ìsàlẹ̀, àwọn tí olùtọ́jú kò nawọ́ sí, a dà á sórí ẹní. Kò sí iyanrìn. Ẹkùrọ́ gidi ni, àmọ́ àwọ̀ méjì: ti òkè dúdú, ó gbẹ, ti ìsàlẹ̀ ṣì pọ́n, ó sì tutù díẹ̀. Lẹ́nu àpò, ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tuntun. Wọ́n ti tú u, wọ́n sì tún un rán.

Bàbá ayẹ̀wò kò tíì bá olùtọ́jú sọ ohun tí a rí. Ó ní kí á lọ pàdé àwọn aláàárù tó ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, kí á wọn ẹrù wọn lójú ọ̀nà, kí ọwọ́ olùtọ́jú tó kàn án. Gbogbo àpò náà ló dín, kò sì sí méjì tó dín bákan náà. Ti aláàárù kan dín ju gbogbo ìyókù lọ.

Olùtọ́jú jókòó sórí ilẹ̀ nígbà tó gbọ́. Ó ní ayẹ̀wò tó wá ṣáájú wa ti pariwo lé òun lórí nítorí àpò tó dín, ó ní oko ẹ̀gbọ́n òun máa lọ. Láti ọjọ́ náà ni òun ti ń fi ènì òun bù kún gbogbo àpò kí ìwọ̀n lè pé.

"Ènì mi ni," ó ní. "Mi ò jí ti ẹnikẹ́ni."

"O ò jí," bàbá ayẹ̀wò dá a lóhùn, "ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹni kan máa jí lójú ọ̀nà, kí ìwọ sì máa fi ènì rẹ bo àṣírí rẹ̀. Èyí tó dín, kọ ọ́ pé ó dín."

"Wọn ò ní gba oko ẹ̀gbọ́n mi?"

Bàbá ayẹ̀wò ní òun kò lè ṣe ìlérí yẹn. Ohun tí òun rí ni òun máa kọ, èyí tí òun kò mọ̀, òun á kọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: pé ẹrù wà nílẹ̀, pé wọ́n ti ń bù kún un, pé nítorí bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ iye tó ń sọnù lójú ọ̀nà.

Oníṣòwò kò gba oko náà. Ó fi ẹni kan ti àwọn aláàárù, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ olùtọ́jú. Nígbà tí èmi àti bàbá ayẹ̀wò tún dé Efire, àpò tí a bá nílẹ̀ rí wúruwùru, òmíràn dín púpọ̀, òmíràn dín díẹ̀, ọkùnrin náà sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí. Mo kí i. Ó dá bàbá ayẹ̀wò lóhùn. Obìnrin tí mo bi léèrè ọ̀rọ̀ rírẹ́ni jẹ ti sọ fún un, kò sì gbé ẹja síwájú mi mọ́.