Ìsinmi Ìbejì

Lẹ́yìn ọ̀fìnkìn kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí gan-an. Ní ọsibítù n'Íbàdàn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti bí ọkàn mi ṣe ń lù jọ ti ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ dí. Wọ́n yẹ iṣan náà wò, kò dí. Dókítà ní kòkòrò ọ̀fìnkìn ló mú ẹran ọkàn mi wú: kí n máa lo oògùn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, kí n má ṣiṣẹ́ agbára fún oṣù mẹ́fà.

Mo padà délé ní Igbó-Ọrà, ìyá wa ní ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì, dandan ni ká ṣe é fún èkejì. Ni ìkejì mi, alára líle, bá ju ọkọ́ sílẹ̀. Ìyá wa ló ń roko ẹ̀gẹ́!

Oṣù mẹ́fà pé, dókítà tún yẹ̀ mí wò, ó ní kí n padà sóko. Mo pe ọ̀lẹ yẹn. Ó ní dókítà kò tíì yẹ òun wò.