Àwọn Ọmọ Ogun Inú Ìgò

Ọ̀gágun ni àwa ará ilé ń pe ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, kò sì mọ̀ pé ẹ̀sín ni. Kò ṣe iṣẹ́ ológun rí. Wàrà kíkan tí wọ́n ń pè ní kẹfíà ni ó ń tà, pẹ̀lú tíì kíkan tí wọ́n ń pè ní kọmbúṣà. Ìgò kún ilé ìdáná rẹ̀ títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ fẹ́lẹ́ ni ó fi bo ẹnu wọn, gbogbo ilé sì ń rùn kíkan. Bí oníbàárà bá wọlé, á gbé ìgò kan sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á ní ọmọ ogun ló wà níbẹ̀, ààyè ni gbogbo wọn. Àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìrọ́mọbí, kò sí èyí tí wọn kò lè ṣẹ́gun. Èmi náà mu ún fún oṣù kan. Inú mi rọ̀ díẹ̀, ó tán.

Ẹni tí ara rẹ̀ le lè mu ún kí ó má ṣe é ní nǹkan kan. Ti àbúrò wa obìnrin yàtọ̀. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń bá jà, oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára sì ti pa púpọ̀ nínú ohun tí ara fi ń gbógun ti àrùn, ó tún dá egbò sí ìfun rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa lójú Ọ̀gágun pé oúnjẹ tó jinná dáadáa ni kó máa jẹ, pé ohunkóhun tí kòkòrò ààyè wà nínú rẹ̀, títí kan wàrà kíkan, kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu rẹ̀. Ọ̀gágun yínmú. Ó ní kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀, ẹni tí kò ka nǹkan kan rí ju ẹ̀yìn páálí mílíìkì lọ.

Ó fi gèlè wé ìgò kẹfíà kan, ó gbé e wọ wọ́ọ̀dù. Àbúrò wa mu ún nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni, kò sì lókun láti jiyàn.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ibà gbé e dè, ó ń gbọ̀n. Oògùn àkọ́kọ́ kò ràn án. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo rò pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dé, dókítà bi wá bóyá ó mu wàrà kíkan, torí irú kòkòrò tí ń sọ wàrà di kíkan ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kòkòrò náà ti gba ojú egbò ìfun kọjá. Mo wo Ọ̀gágun, mo ń retí kó tilẹ̀ sunkún.

“Ṣé ààyè ni ẹ bá wọn?” ló bi dókítà.

Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ṣé mi ò sọ fún yín?” Inú rẹ̀ dùn, níwájú ọmọ ìyá rẹ̀ tó ń kú lọ. Mi ò kórìíra ojú ẹnìkan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àbúrò wa rọra ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́nu.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni ọ̀gá wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa lọ sílé.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gágun. Ó di báàgì rẹ̀ mú, ìgò ń ró gbàngbàn nínú rẹ̀, kò sì rí àṣẹ kankan pa. Nọ́ọ̀sì tí Ọ̀gágun yínmú sí ló gbé oògùn tuntun wọlé, oògùn náà ló sì lé àwọn ọmọ ogun náà lọ díẹ̀díẹ̀.