Méje Tí Kò Tó Méje

Òkè ìwé ni Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ kà, àṣìṣe rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ka èsì ìdánwò kò gbọdọ̀ dúró sí òkè. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un pé méje ni àjọ àwọn nọ́ọ̀sì lókè òkun ń fẹ́ nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì ṣí èsì náà lórí fóònù nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́, méje gàdàgbà ló rí níwájú àpapọ̀. Kò wo ìsàlẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Dádì, mo ti yege! Ẹ sọ fún ọmọ pé mò ń bọ̀."

Ó gbọ́ tí ọmọ ń pariwo lẹ́yìn bàbá rẹ̀ pé òun máa kó aṣọ òun kúrò ní apá kan kọ́bọ́ọ̀dù kí Màámi lè rí ibi kó tiwọn sí.

Nítorí pé kì í sọ ju ọ̀rọ̀ tó yẹ lọ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Jẹ́jẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ kàwé lókè òkun, ó sì mú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí lọ. Àdéhùn wọn ni pé bí Jẹ́jẹ́ bá ti yege nínú ìdánwò, yóò tẹ̀ lé wọn. Láti ìgbà náà ló ti ń dá gbé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ibùsùn méjì ló wà níbẹ̀: ó ń sùn lórí ọ̀kan, ẹrù wà lórí èkejì tí ọmọ ń sùn lé tẹ́lẹ̀.

Mátírọ́nù ló da omi tútù sí i lọ́kàn. Ó gba fóònù, ó fi awò sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Gbígbọ́, mẹ́jọ. O káre. Kíkà, méje àbọ̀. Kíkọ, mẹ́fà àbọ̀. Sísọ..." Ó gbójú sókè. "Sísọ, mẹ́fà. Jẹ́jẹ́, ta ló sọ fún ọ pé o yege?"

"Ẹ wo òkè, Mà. Méje ni."

"Àpapọ̀ nìyẹn. Wọ́n ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wọ́n fi mẹ́rin pín in. Àjọ kò bá ọ sọ ti àpapọ̀ nìkan. Méje ni wọ́n ń fẹ́ nínú gbígbọ́, méje nínú kíkà, méje nínú sísọ. Kíkọ nìkan ni wọ́n gbà kó jẹ́ mẹ́fà àbọ̀. Àbí tí ara aláìsàn kan bá gbóná bí iná, tí ti èkejì tutù bí omi òjò, tí o wá ro ó pọ̀ tó dọ́gba, ṣé wàá ní kí àwọn méjèèjì máa lọ sílé?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Jẹ́jẹ́ náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín ẹni tó yọ̀ ṣubú lójú ọjà.

Ó wá ku bí yóò ṣe pe ilé padà. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ tán. "Kò burú. Ṣé o máa tún un ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ọmọ ti kó aṣọ rẹ̀ kúrò o."

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ni kò jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ lè sùn dáadáa.

Ó gbé èsì náà lọ sọ́dọ̀ tíṣà tó ń kọ́ àwọn ènìyàn fún ìdánwò yìí, nínú yàrá kékeré kan lókè ilé ìtẹ̀wé. Ó ti pinnu ohun tó fẹ́ kó tó jókòó.

"Kíkọ ni kí ẹ túbọ̀ kọ́ mi, sà. Bí mo bá tilẹ̀ máa tún un ṣe."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ kíkọ?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kíkọ kò béèrè ẹnìkejì. Èèyàn á jókòó sídìí tábìlì, á kọ àròkọ, á fà á ya, á tún un kọ, ilẹ̀ á sì ṣú. Iṣẹ́ tó bá wa lára mu kọ́ ni iṣẹ́ tó kàn wá.

Tíṣà fi ìka tọ èsì náà. "Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe yẹ. Ká ní àbọ̀ máàkì ló kù yín kù, ǹ bá ní kí ẹ ní kí wọ́n tún un wò. Odidi máàkì kan kì í sábà yí padà. Àjọ máa ń gbà kí èèyàn so èsì ìjókòó méjì pọ̀, ṣùgbọ́n sísọ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju mẹ́fà àbọ̀ lọ, tiyín sì ti wálẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá máa tún un ṣe, gbogbo rẹ̀ ni. Gbígbọ́ àti kíkà yín ti ré kọjá ohun tí wọ́n ń fẹ́, ẹ kàn máa ta wọ́n jí. Kíkọ wà létí ààlà gan-an, ẹ má fi sílẹ̀, àròkọ kan lọ́sẹ̀ ti tó o. Gbogbo agbára tó kù, sísọ ni kí ẹ kó o fún. Kí ni wọ́n ní kí ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí?"

"Yàrá kan tí mo fẹ́ràn."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní mo fẹ́ràn yàrá mi. Ó mọ́. Kò sí ariwo. Mo ní ó tán."

"Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún yín!"

"Wọ́n bi mí, mo dáhùn."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣe é bí ìgbà tí ẹ ń fi iṣẹ́ lé nọ́ọ̀sì tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín ni! Orúkọ aláìsàn, ohun tó ń ṣe é, oògùn tó lò, ó dàbọ̀!" Ó nu ojú rẹ̀. "Ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ nílé?"

Jẹ́jẹ́ wo èsì ìdánwò náà bí ẹni pé wọ́n kọ ìdáhùn síbẹ̀.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu tíṣà. "Èèyàn kò lè dá èyí kọ́. Ẹ wá ẹni tí yóò máa bi yín ní ìbéèrè, tí yóò sì dákẹ́ gbọ́."

Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, kò wá ẹnikẹ́ni. Ó ń kọ àròkọ. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé ibi tí òun wà náà kò burú. Ọmọ ló pè é ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan.

"Màámi, Dádì ní ọ̀rọ̀ sísọ ló gbé yín ṣubú. Ẹ̀yin tí ẹ lè bá mi wí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀! Ó yá, èmi ni tíṣà. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ nípa yàrá yín."

Ìyá rẹ̀ sọ ọ́: ó mọ́, kò sí ariwo.

"Ó ti tán?"

"Ó tán."

"Kí ló wà lórí ibùsùn mi?"

"Ẹrù."

"Ẹrù wo?"

Ó wá ní láti yíjú wò ó. Ó sọ ti àpótí ìwé, ó sọ ti bàtà ilé ìwé tí kò lè wọ ọmọ náà lẹ́sẹ̀ mọ́. Ó ní òun máa ń kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láràárọ̀ Sátidé, òun á na bẹ́ẹ̀dì náà kí eruku má bàa jókòó sí i, òun á sì tún kó wọn padà, nítorí bí ibùsùn náà bá ṣófo, ojú òun á máa lọ síbẹ̀ ṣáá. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń kọsẹ̀, ó ń dìde. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó gbé fóònù mọ́ etí dáadáa.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Ẹ ti kọjá àkókò," ni ọmọ náà wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa yọ máàkì ni?"

"Rárá o. Wọ́n á kàn ní kí ẹ dúró ni." Ọmọ fa imú. "Màámi, ẹ lọ tún un ṣe."

Ó fi orúkọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Láti ìgbà náà, ọmọ ń bi í ní ìbéèrè nígbà tó bá ráyè. Nígbà tí kò bá ráyè, ìyá á bi ara rẹ̀, á sì kọjú sí ibùsùn kejì dáhùn.

Ibi tí a gbúròó rẹ̀ sí kẹ́yìn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìdánwò, lórí àga onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ti ṣe ìsọ̀rí mẹ́ta láàárọ̀, ó ku sísọ. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣófo, wọn kò sì tíì pè é wọlé.