Tẹmá Kò Jẹ Yín ní Gbèsè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Mojíbọ́lá, ẹ má bi àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ni kí ẹ bi, èmi tí ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí tirẹ̀ ní ọjà Okaishie ní Accra, tí a sì ti tìtorí ibi tí a ó to páálí sí bú ara wa lọ́pọ̀ ìgbà. Orí kunkun ni. Mo sì ń sọ ọ́ níwájú rẹ̀.

Ìpara irun àti ọṣẹ ló ń tà, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ni òwò náà. Àwọn mẹ́rin ló dáwó sí i: òun fúnra rẹ̀, Olúdáre àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, Mutala awakọ̀ trotro ará Mamobi, àti Alhaja Ràṣídátù tó ń ta aṣọ ní Nima. Ti Alhaja tó ìdajì. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń pín èrè. Oṣù Kẹfà wá parí, ẹnikẹ́ni ò rí kọ́bọ̀. Ni Alhaja bá ránṣẹ́ pé bí òun ò bá gbọ́ àlàyé gidi kí ilẹ̀ Jímọ̀ tó ṣú, òun á kó owó òun jáde. Bó bá sì kó o jáde, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn.

Àárọ̀ Jímọ̀, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí Olúdáre gbé ọ̀rọ̀ tó ti kọ sórí fóònù wá. Ó kà á bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì:

“Ẹ̀yin alájọni wa ọ̀wọ́n, nítorí ìdènà tó kọjá agbára wa ní èbúté Tẹmá, èrè yóò pẹ́ díẹ̀. A ó san án láìpẹ́, lágbára Ọlọ́run. Ẹ ṣeun fún sùúrù yín.”

“Pa á rẹ́,” Mojíbọ́lá wí.

“Ah, Sista Mojí! Chale, gbogbo Okaishie ló ń sọ Tẹmá. Ta ló fẹ́ lọ wò ó?”

“Ẹrù wo ni mo ní ní Tẹmá? Èmi ni mo ta ogójì páálí láwìn fún obìnrin Kumasi, tí kò san án lásìkò. Kò kọjá agbára mi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é.”

“Ṣebí owó wà ní báńkì. Ẹ pín ìyẹn.”

“Owó ẹni tó ń kó ọjà fún wa nìyẹn! Èrè wà nínú ìwé, owó rẹ̀ ni kò tíì wọlé. Ṣé kí n wá pín gbèsè fún yín, kí n pè é ní èrè?”

Inú mi dùn, n ò ní purọ́. Èmi náà ti pa irọ́ Tẹmá rí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ. Níbi “láìpẹ́,” Mojíbọ́lá ní kó kọ “ìtàdógún òní.” Olúdáre, ọmọ tí wọ́n bí sí Accra, bi í bóyá ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Mojíbọ́lá ní ọ̀sẹ̀ méjì ni. Èmi ní irọ́ ni, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń kà á nínú èsúsú ìyá mi. Ariwo ta. Àwa mẹ́ta, ìtàdógún mẹ́ta! Ni Mojíbọ́lá bá yọ kàlẹ́ńdà lára ògiri. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ nìyí:

“Èrè tó yẹ kí ẹ gbà ní ìparí oṣù Kẹfà kò tíì ṣeé san. Èmi Mojíbọ́lá ni mo ta ọjà láwìn. Oníbàárà náà kò san án lásìkò. Ó ti kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún mi, ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ló wà lórí rẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan lé e kí owó lè wọlé. Ẹ ó gba èrè yín pé ní Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Keje. Bí báńkì bá dá ṣẹ́ẹ̀kì náà padà, ẹnu mi lẹ ó ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, èmi ni n ó sì gba tèmi kẹ́yìn. Láti òní, n kò ní ta irú àwìn bẹ́ẹ̀ láìsọ fún yín. Ẹ má bínú pé n kò tètè sọ.”

“Ó le jù,” ni Olúdáre wí. “Ẹ ò bẹ̀bẹ̀.”

“Mo bẹ̀bẹ̀ níbi tí mo ti ṣẹ̀. Fi ránṣẹ́.”

Mutala dáhùn ní Hausa pé òun ti gbọ́. Alhaja ò fèsì. Títí di ọ̀sán, Mojíbọ́lá ń tajà, ó ń fọwọ́ líle to páálí, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Alhaja fúnra rẹ̀ dé, fóònù lọ́wọ́. Kò jókòó.

“Ta ló kọ èyí?”

“Èmi ni, mà.”

“Ẹnìkan sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé owó mi wà ní Tẹmá.” Ó wo gbogbo wa. “Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.”

Ó tún wo fóònù ọwọ́ rẹ̀.

“Ọjọ́ kẹtàdínlógún. N ò ní pè ọ́ kó tó di ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ kejì rẹ̀ tí mo pè ọ́, Mojíbọ́lá...”

“Ẹ pè mí, mà,” Mojíbọ́lá dáhùn, kò wo ilẹ̀. “Màá gbé e.”