Ìpè Tó Sọnù Nínú Ìdánrawò

Kóòṣì àwọn ọmọ tó ń gbá nẹ́tíbọ́ọ̀lù kò ní alábàágbé kankan, àfi àga mẹ́rin àti ògiri kan tí bọ́ọ̀lù ti nà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Àwọn àga yìí ló fi ṣe agbábọ́ọ̀lù nígbà tó ń to ìdánrawò tuntun nílé: kí ẹni méjì kọ́kọ́ dúró kọjú síra, kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù láti àyà, kí ẹni tó fẹ́ gbà á wá máa sáré, kí alátakò wọ àárín, lẹ́yìn náà, mẹ́ta sí mẹ́ta, bí eré gan-an. Bí èyí náà bá kùnà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ máa gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lórí pápá, ìpele méjì àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ bí alátakò ṣe wọlé, ọmọ tó di bọ́ọ̀lù mú dúró bí òpó iná. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí òfin fún un kọjá, kóòṣì fọn fèrè.

"Ta lò ń wò?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ ní ká jù ú, ẹ ní ká sáré. Ẹ ò ní ká pe ara wa."

Kóòṣì rántí àga mẹ́rin tó fi to ìdánrawò náà. Àga kì í kúkú pe èèyàn.

Ó fi ìpele kan sáàárín: kí ẹni tó bá bọ́ sí àyè pariwo "Èmi rèé!" kí bọ́ọ̀lù tó wá. Nígbà tí alátakò padà wọ àárín, ariwo gba pápá, bọ́ọ̀lù kò pẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá yọjú lójú fèrèsé, ó ní kó máa bá a lọ.

Nírọ̀lẹ́, kóòṣì ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀.

"Èmi rèé!"

Àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dákẹ́ lọ gbári, bí ẹni tí alátakò dí lọ́nà.